Nígbà Tí Pupa àti Àwọ̀ Ewé Bá Di Ọ̀kan Náà: Bí A Ṣe Ń Yan Àwọ̀ fún Máàpù Alápá Méjì

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé máàpù yíyà àti gíráàfù ṣíṣe ni iṣẹ́ òòjọ́ yín, mo kí yín gbogbo. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí, tí wọ́n sì fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ àti ojú gbòòrò. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa lórí. Nítorí náà, irú àwòrán kan ṣoṣo ni màá dì mú, èyíinì ni máàpù alápá méjì: máàpù tó ní ohun tó lọ sílẹ̀ ní apá kan, ohun tó lọ sókè ní apá kejì, àti ibi tí nǹkan kan kò ti yí padà láàárín. Èyí ni mo yàn nítorí pé òun ni pupa àti àwọ̀ ewé ti máa ń ṣe ìpalára jù lọ, òun náà sì ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù lọ, bí a bá ti mọ ibi tí ìṣòro wà gan-an.

Máàpù kan, òǹkàwé méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé kan tí mo wà. Iléeṣẹ́ kan ya máàpù tó fi hàn bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe yí padà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá. Wọ́n pín àyípadà náà sí ìpele márùn-ún. Ibi tí omi ti lọ sílẹ̀ gan-an jẹ́ pupa, ibi tó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ibi tí kò ti yí padà jẹ́ yẹ́lò tó mọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ibi tó ti gòkè díẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́, ibi tó ti gòkè gan-an sì jẹ́ àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀. Ó dùn-ún wò. Kò sí ẹni tó rí i tí kò yìn ín.

Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti ń bá omi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nawọ́, ó sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí omi fi ń gbẹ ní ìhà àríwá àti ní ìhà gúúsù bákan náà, tí àárín nìkan sì wà bó ṣe wà?” Gbogbo wa wo ara wa, nítorí pé omi kò gbẹ ní àríwá rárá. Ńṣe ló gòkè níbẹ̀. Bí ọkùnrin kejì ṣe tún nawọ́ nìyẹn, ẹni tí òun náà kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, ó ní lójú tòun, gúúsù nìkan ni nǹkan ti le, pé àríwá kàn yí padà níwọ̀nba ni.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹni méjì ni, àìsàn ojú kan náà ni a máa sọ pé ó ń ṣe wọ́n, àmọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà ṣi máàpù kan náà kà. Báwo nìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú

Nínú ojú wa, oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni a fi ń mọ àwọ̀. Ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ búlúù. Àwọn méjì tó kù ń gba ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti pupa, ohun tí àwọn méjèèjì ń gbà sì sún mọ́ ara wọn gan-an. Ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí àwọn méjì yìí ń sọ ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé èyí pupa, èyí jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì ló rí: bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá sí kóòtù, tàbí bó bá wá, ṣùgbọ́n tó ń tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ sọ, adájọ́ kò ní ohun tó máa fi mọ ìyàtọ̀.

Àwọn jíìnì tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì méjì wọ̀nyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kúrómósómù X, wọ́n sì jọra débi pé wọ́n máa ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí ara bá ń ṣe ẹ̀dà wọn. Nítorí pé X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní, kò ní òmíràn tó máa gbà á sílẹ̀ bí èyí tó ní bá ní àbùkù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn tó wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 12 ló ní ìṣòro yìí, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí obìnrin kan nínú 200. Iye náà máa ń kéré sí i láàárín ọ̀pọ̀ ìran mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò sí.

Ìhà méjì ni ìṣòro náà pín sí, ẹ sì jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì apá àwọ̀ ewé ni kò sí tàbí tó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Àwọn yìí ló pọ̀ jù. Lójú wọn, pupa kò ṣókùnkùn ju bó ṣe rí lójú tiwa lọ, ó kàn ń jọ àwọ̀ ewé ni. Àwọn kejì ni àwọn tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì apá pupa ni kò sí tàbí tó yẹ̀. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe pé pupa ń jọ àwọ̀ ewé nìkan, ó tún máa ń ṣókùnkùn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ì bá gba ìmọ́lẹ̀ pupa wọlé kò sí níbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ wa wà ní ìhà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kejì wà ní ìhà kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti yà.

Ohun kan wà tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ o: sẹ́ẹ̀lì búlúù wọn wà pé pérépéré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín búlúù àti yẹ́lò hàn sí wọn gbangba. Ẹni tó bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, kó má ṣe gbàgbé èyí.

John Dalton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ẹni tó ka kẹ́mísírì mọ orúkọ rẹ̀, ni ó ṣàlàyé irú ojú yìí fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Manchester ní 1794, ojú ara rẹ̀ ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní òdòdó kan wà tí àwọn èèyàn ń pè ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ tó jẹ́ pé bí búlúù ojú ọ̀run ló rí lójú òun ní ọ̀sán. Ó rò pé omi inú ojú òun ló ní àwọ̀ búlúù, ó sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú òun. Nígbà tó kú ní 1844, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi náà mọ́ kedere. Wọ́n tọ́jú ojú náà pamọ́, ní 1995 sì ni àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì apá àwọ̀ ewé ni kò ní. Mo mẹ́nu ba òdòdó rẹ̀ nítorí pé àwọn kan máa ń rò pé pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ni wàhálà wà. Rárá o. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní búlúù nínú lè di búlúù. Àwọ̀ àlùkò náà lè di búlúù, nítorí pé pupa inú rẹ̀ ló ń yà á sọ́tọ̀ fún wa. Àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ lè di àwọ̀ ilẹ̀, èyí tó sì wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé lè di eérú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí máàpù náà wò

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sídìí máàpù omi. Ọ̀wọ́ àwọ̀ tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn. Inú ColorBrewer ló ti wá, ìyẹn àkójọ ọ̀wọ́ àwọ̀ fún máàpù tí Cynthia Brewer ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò, tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń ya gíráàfù. Orúkọ ọ̀wọ́ náà ni `RdYlGn`. ColorBrewer fúnra rẹ̀ kò kà á mọ́ àwọn èyí tó dára fún ojú tí kì í ya àwọ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó ti wà nínú àkójọ, àwọn èèyàn máa ń mú un láìwo àkíyèsí yẹn. Àwọn àwọ̀ márùn-ún rẹ̀ wà ní ìlà àkọ́kọ́ níbí yìí, mo sì fi ọ̀wọ́ mìíràn sí abẹ́ rẹ̀:

```
RdYlGn  #D7191C #FDAE61 #FFFFBF #A6D96A #1A9641
RdYlBu  #D7191C #FDAE61 #FFFFBF #ABD9E9 #2C7BB6
```

Kí ni ìlà àkọ́kọ́ yìí ń dà lójú ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì apá àwọ̀ ewé? Ìlànà ìṣirò kan wà tí Viénot, Brettel àti Mollon gbé jáde ní 1999 láti fi ṣe àfarawé rẹ̀. Bí a bá fi ìlànà náà ṣírò pupa `#D7191C`, nǹkan bí `#7D7D00` ni yóò dà, ìyẹn yẹ́lò tó ṣú tó sì jọ àwọ̀ ilẹ̀. Bí a bá tún fi ṣírò àwọ̀ ewé `#1A9641`, nǹkan bí `#818145` ni yóò dà, yẹ́lò tó ṣú bákan náà, tó kàn sún mọ́ eérú díẹ̀. Ẹ fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nílé kí ẹ wò ó. Ti àwọn àwọ̀ tó tẹ̀ lé wọn tún burú ju ìyẹn lọ: àwọ̀ ọsàn `#FDAE61` di nǹkan bí `#C9C95C`, àwọ̀ ewé tó mọ́ `#A6D96A` sì di nǹkan bí `#CCCC6D`. Ta ló máa ya ìyẹn sọ́tọ̀ lórí máàpù tí agbègbè kan kò ju orí ìka lọ? Nítorí náà, ìpele márùn-ún ti di mẹ́ta: ibi tó yí padà gan-an, ibi tó yí padà díẹ̀, ibi tí kò yí padà. Ibi tí àyípadà náà dorí kọ ni kò sí mọ́, ibi tó sì dorí kọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya máàpù náà.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè onímọ̀ ẹ̀rọ wa mọ́gbọ́n dání? Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló kà.

Ti ọkùnrin kejì ńkọ́? Lójú ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì apá pupa, àwọ̀ ewé `#1A9641` ṣì mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n pupa `#D7191C` ti ṣókùnkùn gan-an. Ẹ sì mọ̀ pé lórí máàpù, ojú wa máa ń ka ohun tó ṣókùnkùn sí ohun tó pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbà pé gúúsù nìkan ni nǹkan ti le. Máàpù náà kò sọ fún un pé apá méjì ló wà.

Ìdánwò tó ń tan ni jẹ

Ibi tí mo ń bọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ìmọ̀ràn kan wà tó gbilẹ̀, tí mo gbà pé ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní kí o sọ àwòrán rẹ di dúdú àti funfun, pé bó bá ṣì ṣeé kà, ó dára. Ìmọ̀ràn yẹn tọ̀nà fún máàpù onípele kan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré lọ sí púpọ̀, nítorí pé níbẹ̀, mímọ́ àti ṣíṣú àwọ̀ ló ń gbé ìtumọ̀. Ọ̀wọ́ `viridis` tí a mọ̀ dáadáa lórí ìyẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fún máàpù alápá méjì, ìdánwò yẹn kò bá a mu rárá.

Kí nìdí? Nítorí pé nínú máàpù alápá méjì tó dára, ó yẹ kí ìkángun méjèèjì ṣú bákan náà. Bí omi bá lọ sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta níhìn-ín, tó sì gòkè ní mítà mẹ́ta lọ́hùn-ún, àyípadà kan náà ni, ó sì yẹ kí wọ́n wúwo bákan náà lójú. Àwọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò sọ èyí tó gòkè àti èyí tó lọ sílẹ̀. Bí a bá wá sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ìkángun méjèèjì gbọ́dọ̀ di ọ̀kan náà, bó ti wù kí ọ̀wọ́ náà dára tó.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ṣe ìlànà ìkàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn WCAG, ń lò láti fi díwọ̀n ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọ̀ méjì. 1 ni ìwọ̀n àwọ̀ méjì tó mọ́ bákan náà, 21 sì ni ti dúdú lórí funfun. Láàárín pupa àti àwọ̀ ewé tó wà ní ìkángun `RdYlGn`, ìwọ̀n náà jẹ́ 1.35. Láàárín pupa àti búlúù tó wà ní ìkángun `RdYlBu`, ó jẹ́ 1.14. Ẹ rí i? Bí ìmọ́lẹ̀ nìkan bá ni adájọ́, ọ̀wọ́ tó burú ló máa jàre, èyí tó dára ló máa jẹ̀bi. Nínú máàpù omi yìí, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò dúdú àti funfun yóò da ohun tó dára nù, yóò sì di ohun tó ń pa òǹkàwé lára mú.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa nípa ìkángun méjèèjì rèé: ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ ti búlúù àti yẹ́lò, àbí ti pupa àti àwọ̀ ewé? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, gbogbo ojú tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni yóò rí i.

Àtúnṣe náà: kóòdù méjì péré

Ẹ tún wo ìlà méjì tí mo kọ lókè. Àwọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ rárá. Méjì tó gbẹ̀yìn ni a pààrọ̀: `#A6D96A` di `#ABD9E9`, `#1A9641` sì di `#2C7BB6`. Àwọn tó ya máàpù omi náà kò ní láti tún ìpele wọn pín, wọn kò ní láti tún ìwádìí wọn ṣe, pupa tí wọ́n fẹ́ràn sì ṣì wà níbẹ̀ láti fi ewu hàn.

Kí ni ìlà kejì ń dà lójú ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì apá àwọ̀ ewé? Pupa ṣì di yẹ́lò tó ṣú, bí ti àkọ́kọ́. Àmọ́ `#2C7BB6` di nǹkan bí `#6B6BB6`, búlúù gidi tí kò ṣeé ṣì mú. Àwọ̀ ọsàn di yẹ́lò `#C9C95C`, `#ABD9E9` sì di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bíi `#CDCDEA`. Ìpele márùn-ún ti padà di márùn-ún. Lójú ẹni tí kò ní sẹ́ẹ̀lì apá pupa, ìkángun pupa ṣì máa ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ó lè rò pé àyípadà ìhà yẹn le díẹ̀ ju ti ìhà kejì. Ìyẹn ku díẹ̀ káàtó, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Àmọ́ kò ní rò láé pé ìhà kan náà ni méjèèjì wà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ dín ìyẹn náà kù, ó lè gbé ìkángun pupa lọ sápá àwọ̀ ọsàn. Bẹ́ẹ̀ ni Masataka Okabe àti Kei Ito ṣe ní ilẹ̀ Japan nígbà tí wọ́n to ọ̀wọ́ àwọ̀ mẹ́jọ wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò báyìí. Wọn kò fi pupa gidi sí i rárá. `#D55E00` ni wọ́n lò dípò rẹ̀, pupa tó ti ń lọ di àwọ̀ ọsàn. Ìwúlò rẹ̀ hàn jù lọ lórí ojú ewé dúdú, irú èyí tó wọ́pọ̀ lórí fóònù nísinsìnyí. Lójú tiwa, pupa `#FF0000` lórí dúdú ní ìwọ̀n ìyàtọ̀ 5.25, ó dára. Bí a bá fi ìlànà Viénot ṣírò rẹ̀ fún ojú tí kò ní sẹ́ẹ̀lì apá pupa, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.1. WCAG béèrè fún 4.5, ó kéré tán, fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa kà. Ṣé ẹ rí i pé ìkìlọ̀ tí a kọ ní pupa sórí dúdú, ẹni tí ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ṣàìrí i? `#D55E00` kì í já tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 4.2 ló ń dúró sí: kò tíì pé 4.5, àmọ́ ó sún mọ́ ọn ju pupa lọ.

Ohun tí àwọ̀ nìkan kò lè gbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀wọ́ àwọ̀ bá dára tó bó ti wù kó rí, àwọn ibì kan wà tí kò ti lè dá iṣẹ́ ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ohun tó tín-ínrín. Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe fún yín wà fún agbègbè tó fẹ̀, tí àwọ̀ kún inú rẹ̀. Ìlà tín-ínrín lórí gíráàfù tàbí àmì kékeré bí ẹyọ èso kò fún ojú ní àwọ̀ tó pọ̀ tó láti fi ṣe ìdájọ́, kódà ojú tó pé pàápàá máa ń ṣì í. Bó bá jẹ́ ìlà ni, ẹ jẹ́ kó nípọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìparí rẹ̀ gan-an dípò kí ẹ kó gbogbo orúkọ sínú àpótí ní igun. Àpótí yẹn ni òǹkàwé wa ti máa ń jìyà jù, nítorí pé ó ní láti gbé àwọ̀ kan sọ́kàn láti igun ojú ewé lọ bá ìlà tó jọ ọ́.

Èkejì ni ibi tí kò sí ìwádìí. Àṣà wa ni pé kí a fi eérú kùn ún. Nínú `RdYlBu`, eérú tó mọ́ sún mọ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lójú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì lè ka ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé sí ibi tí omi ti gòkè díẹ̀. Ẹ fa ìlà dàgẹ̀rẹ̀ sórí funfun níbẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa ṣì í mú.

Ẹ̀kẹta ni àlà. Kí ẹ fa ìlà funfun tàbí eérú tó ṣú sí ààrin agbègbè kan àti òmíràn. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ nígbà tí àwọ̀ méjì tó sún mọ́ ara wọn bá fara kanra láìsí àlà, wọ́n máa ń yọ́ wọ inú ara wọn.

Bí ó bá sì jẹ́ máàpù tí èèyàn máa wò lórí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ yọ jáde nígbà tó bá fọwọ́ kan agbègbè kan: “ó gòkè, mítà 2.4”. Kí ẹ kọ “gòkè” tàbí “lọ sílẹ̀” o. Ẹ má ṣe fi àmì + àti − sílẹ̀ ní kékeré kí ẹ wá rò pé ó tó.

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú yín dájọ́. Bí máàpù yín bá wà lórí ẹ̀rọ ìwákiri Chrome, ẹ ṣí DevTools, ẹ lọ sí `More tools`, lẹ́yìn náà `Rendering`, kí ẹ wá yan `Emulate vision deficiencies`. Ẹ kọ́kọ́ yan `Deuteranopia`, ìyẹn ojú onímọ̀ ẹ̀rọ wa, lẹ́yìn náà `Protanopia`, ojú ọkùnrin kejì. Ẹ yẹ méjèèjì wò, nítorí ẹ ti rí i pé àṣìṣe wọn kò jọra. Fún ohun tí kò sí lórí ẹ̀rọ ìwákiri, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Color Oracle, tó ń yí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń wo àfarawé náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá ó rẹwà. Ẹ mú ìbéèrè kan tí máàpù náà wà láti dáhùn, bíi “níbo ni omi ti lọ sílẹ̀ jù lọ?”, kí ẹ ní kí ẹni tí kò tíì rí máàpù náà rí dáhùn rẹ̀ láti inú àfarawé nìkan. Bó bá na ìka sí ibi méjì tó lòdì síra, ọ̀wọ́ yẹn ti kùnà.

Kí ẹ sì mọ ààlà àfarawé. Ojú tí sẹ́ẹ̀lì kan kò sí nínú rẹ̀ rárá ló ń fi hàn, bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi pé ọ̀kan yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Àwọn yìí ṣì ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀, pàápàá nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára àti lórí ohun tó fẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá yege nínú àfarawé yóò sábà yege lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹ má ṣe yí i padà kí ẹ ní, “Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìṣòro yìí, ó sì rí i, nítorí náà ó dára.” Ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀rẹ́ yín wà lára àwọn tó yẹ̀ díẹ̀.

Bí wọ́n bá ní dandan ni pupa àti àwọ̀ ewé

Mo mọ ìbéèrè tó kàn. Ẹ máa ní, “Ọ̀gá wa ní pupa fún kò dára, àwọ̀ ewé fún ó dára, kò sì gbọ̀jẹ̀gẹ́.” Mo gbọ́. Bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran. Bó bá jẹ́ ipò méjì péré ni ẹ fẹ́ fi hàn, bíi “ó kọjá” àti “ó kùnà”, kò sí ọ̀rọ̀ pé kí àwọn méjèèjì wúwo bákan náà níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ mú pupa tó ṣú gan-an, `#A50026`, kí ẹ sì mú àwọ̀ ewé tó mọ́ tó sì ní búlúù nínú, `#66C2A5`. Ìwọ̀n ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 3.7. Ẹ fi èyí wé `red` àti `green` tí ìwé CSS ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tí tiwọn kò ju 1.28 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn hàn dáadáa lórí funfun. Ọ̀gá yín á ṣì rí pupa àti àwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹni tí kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ á rí èyí tó ṣú àti èyí tó mọ́. Kí ẹ wá kọ “kọjá” tàbí “kùnà” sí inú rẹ̀, funfun lórí pupa, dúdú lórí àwọ̀ ewé.

Fún máàpù alápá méjì, mi ò ní irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ láti fún yín. Bí ẹ bá mú kí ìkángun kan ṣú ju èkejì lọ, ẹ ti parọ́ fún òǹkàwé nípa ìwọ̀n àyípadà náà. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí wọ́n ṣú bákan náà, ẹ ti fi ìhà tí àyípadà náà dorí kọ pa mọ́ fún un. Níbẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá náà pẹ̀lú àwòrán méjì, máàpù rẹ̀ gan-an àti àfarawé rẹ̀, kí ẹ sì ní kó tọ́ka sí ibi tí omi ti ń gbẹ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.